Kí la máa dà nù nínú fíríìjì ká tó rìnrìn àjò?

Ìbéèrè: Àwa mẹ́rin la jọ ń lo fíríìjì kan, gbogbo wa sì máa kúrò nílé fún ọ̀sẹ̀ 3. Mo fẹ́ lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ kí kálukú lè mọ ohun tó máa dà nù, àmọ́ mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní, “Ṣebí iná wà lára ẹ̀?” Kí ni kí n kọ?

Ìdáhùn: Èsì ọ̀rọ̀ onítọ̀hún ni kó o fi ṣáájú. Òtútù fíríìjì kì í pa kòkòrò àìfojúrí, ṣe ló kàn ń jẹ́ kí wọ́n máa pọ̀ díẹ̀díẹ̀. Èyí tó ń jẹ́ lìsítéríà tiẹ̀ ń pọ̀ sí i nínú òtútù náà, oúnjẹ tí kòkòrò yìí bá wà nínú rẹ̀ sì lè má rùn, kó má sì kan. Torí náà, ẹ má fi imú ṣe adájọ́ tẹ́ ẹ bá dé. O lè kọ ọ́ báyìí:

“Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́, kó tó di alẹ́ Ọjọ́bọ̀, kálukú kó kó tiẹ̀ kúrò. Oúnjẹ sísè kì í kọjá ọjọ́ 3 sí 4 nínú fíríìjì. Adìyẹ tútù, ẹja tútù àti ẹran lílọ̀ kì í kọjá ọjọ́ 1 sí 2. Ẹ da mílíìkì tẹ́ ẹ ti ṣí nù, àti èso tẹ́ ẹ ti gé. Ewébẹ̀ náà kò gbọ́dọ̀ kù: á jẹrà, omi rẹ̀ á sì ṣàn sórí nǹkan mìíràn. Bọ́tà, ẹyin tuntun tí kò sán, àti ohun inú ìgò tó ní ọtí kíkan dáadáa lè dúró.”

Ẹni tí kò bá fẹ́ kí oúnjẹ rẹ̀ ṣòfò lè gbé e sí fírísà, ṣùgbọ́n kó má dúró dìgbà tó bá ku wákàtí kan. Ká ní ọjọ́ Ajé ni wọ́n se ìrẹsì, tẹ́ ẹ sì ń lọ lọ́jọ́ Ẹtì: ọjọ́ kẹrin ti pé nìyẹn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ti yẹ kó wọ fírísà, nínú abọ́ tí kò jìn, kó lè tètè dì. Ìrẹsì tó ti pẹ́ jù lè ní májèlé tí gbígbóná kò lè pa, torí náà ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé pé ẹ máa tún un gbé kaná.

Ìbéèrè: Tí iná bá lọ nígbà tá ò sí nílé ńkọ́? Báwo la ṣe máa mọ̀?

Ìdáhùn: Ẹ bu omi sínú ife, ẹ jẹ́ kó dì gbagidi nínú fírísà, kẹ́ ẹ wá gbé owó ẹyọ lé orí yìnyín náà. Tẹ́ ẹ bá dé tó ṣì wà lókè, oúnjẹ yín kò yọ́. Tó bá ti wà nísàlẹ̀ ife, gbogbo ẹ̀ ti yọ́ kó tó tún dì, ì báà le bí òkúta lójú yín: ẹ kó o dà nù. Tó bá há sí àárín, ẹran àti ẹja ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kó jáde.