Bí Mo Ṣe Pààrọ̀ Ike Ìpara Lórí Pẹpẹ, Tí Òjìji Rẹ̀ Sì Bá Ibẹ̀ Mu

Màmá kan tó ń ta ọṣẹ dúdú àti ìpara òrí ní Ìgbọ̀nà ló gbé iṣẹ́ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè-Fìà. Wọ́n ní fọ́tò kan tí wọ́n fẹ́ràn gan-an: ìyá wọn jókòó lórí àga, pẹpẹ onípákó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ike ìpara wà lórí pẹpẹ, oòrùn àárọ̀ sì ń gba ojú fèrèsé wọlé. Àmọ́ wọ́n ti pààrọ̀ ike. Ti àtijọ́ kúrú, ó rí roboto, kò ju sẹ̀ǹtímítà 8 lọ ní gíga. Tuntun ga tó sẹ̀ǹtímítà 20, ó sì tọ́ láti òkè délẹ̀. Ìyá wọn ti padà sí Ìbàdàn, wọ́n sì ti kun ògiri pálọ̀ lọ́dà mìíràn, nítorí náà kò sí bá a ṣe lè ya fọ́tò náà lẹ́ẹ̀kejì.

Mo kọ́kọ́ rò pé iṣẹ́ kékeré ni. Mo ya ike tuntun nínú ṣọ́ọ̀bù, mo gé e jáde, mo fi bo ti àtijọ́. Mo wá na òjìji àtijọ́ gùn díẹ̀ lórí pákó. Nígbà tí Màmá rí i, wọ́n gbé ojú lé e fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ó dà bí ẹni pé ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀ ni. N kò mọ ohun tó ṣe é." Wọn kò jẹ̀bi. Mo padà sídìí rẹ̀.

Òjìji ni mo ti ṣìṣe. Màmá ṣì ní pẹpẹ náà nílé, ike àtijọ́ méjì sì kù sí wọn lọ́wọ́. Mo lọ síbẹ̀ pẹ̀lú rúlà. Nínú fọ́tò, orí òjìji ike àtijọ́ kan kókó igi kan lára pákó. Mo gbé ike sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀, mo wọn láti etí ìdí rẹ̀ dé kókó yẹn: sẹ̀ǹtímítà 10. Ohun tó ga ní 8 ń na òjìji 10, nítorí náà ohun tó ga ní 20 yóò na 25. Ṣùgbọ́n láti ìdí ike títí dé ògiri, ní ọ̀nà tí òjìji ń gbà, sẹ̀ǹtímítà 15 péré ni. Òjìji ike kúkúrú ò dé ògiri rárá. Ti gígùn gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀, kó ṣẹ́ po, kó gun ògiri lọ sókè. Báwo ló ṣe máa ga tó níbẹ̀? Nínú 15 yẹn, ìmọ́lẹ̀ tó gba orí ike kọjá ti sọ̀ kalẹ̀ ní 12. Ohun tó kù nínú 20 jẹ́ 8. Sẹ̀ǹtímítà 8 òjìji ló yẹ kó wà lára ògiri, ó sì yẹ kó nàró gbọnrangandan bí ike fúnra rẹ̀, kò gbọdọ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ti orí pákó. Ohun tí Màmá rí tí wọn ò lè dárúkọ nìyẹn: ohun gíga dúró sítòsí ògiri nínú oòrùn, ògiri ò sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

N kò fẹ́ fi ọwọ́ ya gbogbo rẹ̀ láti inú orí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé pákó tí àwọ̀ rẹ̀ sún mọ́ ti pẹpẹ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, mo gbé páálí funfun dúró sẹ́yìn rẹ̀ bí ògiri. Ike àtijọ́ ni mo kọ́kọ́ gbé sórí rẹ̀. Mo ń yí pákó títí òjìji fi kọjú sí ibi tó kọjú sí nínú fọ́tò, mo sì ń dúró de kí gígùn rẹ̀ di 10. Ó bọ́ sí i nígbà tí aago 9 ti fi nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú kọjá. Mo ti gbé kámẹ́rà sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, mo ti ń gbé e sókè sódò títí ìdérí ike àtijọ́ fi rí bó ṣe rí nínú fọ́tò Màmá, ìyẹn ni pé òbìrípo orí rẹ̀ fẹ̀ bákan náà, kò nípọn jù, kò tẹ́ jù. Lẹ́yìn náà, láìfọwọ́ kan kámẹ́rà, mo gbé ike àtijọ́ kúrò, mo gbé tuntun sí ojú ibẹ̀, mo ya á. Kíá ló gbọ́dọ̀ jẹ́, torí láàárín ìṣẹ́jú 5 péré, òjìji ike kúkúrú á ti dín ní bí ìdajì sẹ̀ǹtímítà. Òjìji ike gígùn sì gun páálí lóòótọ́, bí ìṣirò ṣe wí.

Nínú Photoshop, mo fi `Clone Stamp` pa ike àtijọ́ àti òjìji rẹ̀ rẹ́. Mo ń tẹ̀ lé ìlà ara pákó kó má baà já. Kọ́ọ̀bù funfun kan wà lápá òsì níbẹ̀, ìdérí pupa ike àtijọ́ sì ti ta pupa díẹ̀ sí i lára. Bí mo bá fi í sílẹ̀, pupa máa wà tí kò sí ohun tó bí i. Mo fi `Hue/Saturation` pa á lójú níbẹ̀ nìkan.

Òjìji fúnra rẹ̀, n kò fi dúdú kùn ún. Mo lo `Curves`, mo fi ìrísí òjìji tí mo yà lọ́dẹ̀dẹ̀ ṣe máàsìkì rẹ̀, kí ìlà pákó lè máa hàn lábẹ́ rẹ̀. Láti mọ bó ṣe máa ṣókùnkùn tó, mo wo òjìji kọ́ọ̀bù. Pákó tí oòrùn kàn jẹ́ 190, 150, 110 ní pupa, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ aró. Nínú òjìji, ó di 92, 80, 68. Ẹ wò ó, pupa ti lọ sílẹ̀ ju ìdajì lọ, àwọ̀ aró kò lọ tó bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run ló ń wọ inú òjìji nígbà tí oòrùn ò dé ibẹ̀, aró sì ni. Nítorí náà mo fa ìlà pupa sílẹ̀ ju ti aró lọ. Ti ara ògiri ò gba ìdiwọ̀n kan náà, nítorí pé oòrùn ò kọlu ògiri bó ṣe kọlu pákó. Mo wọn ìyẹn lára òjìji férémù tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri, mo sì fi `Curves` mìíràn ṣe é.

Mo fẹ́ rọ etí òjìji púpọ̀, bí ọ̀pọ̀ wa ṣe máa ń ṣe, àmọ́ oòrùn tààrà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tó jìnnà jù, lórí ògiri, kò rọ̀ ju nǹkan bíi mìlímítà 2 lọ. `Gaussian Blur` 4 ni mo fún un, mo sì fún ibi tó sún mọ́ ìdí ike ní 1. Ní ìparí, mo fi búrọ́ọ̀ṣì tóóró fa ìlà àwọ̀ ilẹ̀ tó ṣókùnkùn yí ìdí ike ká, lórí léyà `Multiply` tirẹ̀, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run pàápàá kì í dé àárín ike àti pákó. Kí n tó fà á, ike ń léfòó díẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ó jókòó.

Mo fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí Màmá ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Wọ́n pè mí, wọ́n ní, "Ìgbà wo ni mo gbé ike tuntun síbẹ̀ o?"