Àṣìṣe tí a máa ń ṣe bí a bá gbé fọ́tò oṣù yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti oṣù tó kọjá

Àbúrò mi kan tí a jọ ń lọ sí jíìmù ní Tanke gbé fóònù rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Fọ́tò méjì ló wà níbẹ̀, ti oṣù kìíní àti ti oṣù kejì. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó. Ńṣe ni mo tún sanra sí i. Mi ò wá mọ́." Mo wò ó títí. Fọ́tò ló yàtọ̀ o, ara ọmọ náà kò yí padà tó bẹ́ẹ̀.

Inú jíìmù ni wọ́n ti ya ti àkọ́kọ́, lálẹ́, kété tó gbé irin tán. Bí èèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé irin, ẹ̀jẹ̀ á rọ́ sínú iṣan, iṣan á wú, kí ó tó di nǹkan bíi wákàtí kan ó ti rọlẹ̀. Gílóòbù tó wà lókè orí sì ń ta òjìji sábẹ́ iṣan kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá yọ gedegbe. Ẹwà àyálò ni. Ilé ló ti ya èkejì, láàárọ̀, ó kọjú sí fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ sì tẹ́ gbogbo ara pẹrẹsẹ. Lálẹ́ àná ọjọ́ náà, ó lọ síbi ìnáwó kan ní Gáà Akanbí, ó jẹ ìrẹsì àti ẹran tí iyọ̀ wà lára rẹ̀ dáadáa. Iyọ̀ ń dá omi dúró lára. Ìrẹsì náà ń di ṣúgà nínú ara, bí ara bá sì ń tọ́jú ṣúgà yìí sínú iṣan, omi tó wúwo tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ ló ń bá a wọlé. Nǹkan oṣù rẹ̀ sì ku ọjọ́ méjì, ìyẹn náà ń mú ikùn wú. Èèyàn lè fi kílò kan tàbí méjì wúwo sí i láàárín ọjọ́ kan láìsí ọ̀rá kankan níbẹ̀.

Ó tún fọwọ́ ara rẹ̀ na fóònù síwájú nígbà tó ń ya èkejì. Ohun tó bá sún mọ́ kámẹ́rà ló ń tóbi, ikùn rẹ̀ ló sì sún mọ́ ọn jù. Kámẹ́rà iwájú àwọn fóònù mìíràn tún máa ń yí ọ̀tún sí òsì, wàá máa wá èjìká tó rẹlẹ̀ níbi tí kò sí.

A tún un ṣe. A lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ilẹ̀ níbi tí gìgísẹ̀ á dúró, a gbé fóònù sórí àpótí tó ga dé ìdodo rẹ̀, mítà méjì sí i, kámẹ́rà ẹ̀yìn, a sì ṣètò fóònù náà kó ka ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá kó tó yà. Aṣọ kan náà ló ń wọ̀, ògiri kan náà ló ń fẹ̀yìn sí. Àárọ̀ ni, lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀, kó tó mu omi. Kò gbọdọ̀ fa ikùn sínú. Iwájú, ẹ̀gbẹ́, ẹ̀yìn, ó parí. Ọjọ́ keje tí nǹkan oṣù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ló ń yà á, kò tẹ̀ lé kàlẹ́ńdà. (Àsìkò ọyẹ́, eruku Ìlọrin á yí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé padà, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.)

Oṣù kan ti kéré jù láti dájọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ńṣe ni ara ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé irin, agbára á kọ́kọ́ pọ̀ kí iṣan tó tóbi. Ó tó oṣù méjì sí mẹ́ta kí ojú tó rí i. Nínú ìwé àbúrò mi, irin tó fi ń lóṣòó ti kúrò ní kílò 20, ó ti di 35, nínú oṣù méjì tó ń sunkún lé lórí yẹn!

Èyí tó dùn mí jù ni orúkọ tó sọ fọ́tò wọ̀nyẹn. "Wòbìà" ló kọ sí ti àkọ́kọ́. Mo bi í pé ta ló ń jí láago márùn-ún lóṣù náà, tó ń dúró de kẹ̀kẹ́ nínú òkùnkùn. Fọ́tò lè sọ bóyá èjìká dọ́gba, bóyá ìbàdí ti yí padà. Kò mọ ọ̀lẹ, kò mọ alájẹjù. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, ìyá rẹ̀ dé láti Ọ̀ffà, ó wò ó lókè wò ó nílẹ̀: "Kí ló dé tó o rù báyìí? Ṣé ebi ń pa ọ́ ní Ìlọrin ni?" Ara kan náà o. A rẹ́rìn-ín títí.

Ọjọ́ nìkan ló ń kọ sí i báyìí, àti ohun tójú rí. Mo sì sọ fún un pé lọ́jọ́ tí fọ́tò bá mú un fi oúnjẹ sílẹ̀, kó má yà á mọ́ fún oṣù mẹ́ta, kó máa lo ìwé irin rẹ̀ nìkan. Títí di òní, kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹrin, ohun tó kọ sábẹ́ fọ́tò ẹ̀yìn ni: "Èjìká òsì ṣì rẹlẹ̀ díẹ̀. Kí n bi kóòṣì."