Bí a ṣe ń mọ irẹsì tó wọ́n jù láàárín ti àpò, ti kóńgò àti ti kílò

Ní Ọjà Ọba l'Adó-Èkìtì, kóńgò ni ìyá onírẹsì fi ń dáhùn bí ẹ bá béèrè iye tó ń tà á. Ẹ dé ṣọ́ọ̀bù ńlá, kílò ni wọ́n kọ sára ọ̀rá. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tà lápò, àpò ni wọ́n máa ń dárúkọ. Owó mẹ́ta yìí kò ṣe é fi wéra bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di owó kílò kan.

Àpò ló rọrùn jù. Ká ní àpò kílò 50 jẹ́ ₦65,000, tí ọlọ́kadà sì gba ₦1,000 láti gbé e délé, ₦66,000 ni àpò yẹn jẹ́ fún yín. Ẹ fi 50 pín in: ₦1,320 ni kílò kan. (Owó tí mo ń lò níbí, àpẹẹrẹ ni, ẹ fi ti ọjà yín rọ́pò rẹ̀.) Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe rán ẹnu àpò náà. Bí òwú rẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti àpò ẹgbẹ́ rẹ̀, tàbí tí ihò abẹ́rẹ́ àtijọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti tú u rí. Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n kí ẹ tó sanwó.

Kóńgò ni iṣẹ́ wà nínú ẹ̀. Òṣùwọ̀n inú ni kóńgò, kì í ṣe ti ìwúwo, nítorí náà ọwọ́ ẹni tó ń wọ̀n ọ́n ló ń sọ bó ṣe máa wúwo tó. Ẹlòmíràn á rọ ọ́ títí á fi ga lórí bí òkìtì, ẹlòmíràn á fi ọwọ́ gbá orí rẹ̀ dànù. Ẹ wo ìdí kóńgò náà pẹ̀lú: bí wọ́n bá ti lù ú wọnú, tàbí tí nǹkan kan lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, irẹsì tó yẹ kó gba ààyè yẹn ti dín kù. Ẹ má tijú, ẹ ní kí wọ́n dojú rẹ̀ kọ yín kí ẹ rí inú rẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Láti mọ bí kóńgò oníbàárà yín ṣe wúwo tó, ẹ ra mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹ ṣe máa ń rà á. Ẹ má sọ fún un pé ẹ fẹ́ wọ̀n ọ́n, torí ọwọ́ rẹ̀ lè yí padà. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ọ̀rá náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ẹja yìnyín, nítorí wọ́n sábà máa ń ní òṣùwọ̀n kílò, ẹ sì bẹ̀ ẹ́ kó bá yín wọ̀n ọ́n. Mẹ́ta ni mo ní kí ẹ rà torí ọ̀kan ṣoṣo lè ṣì yín lọ́nà: àkọ́kọ́ lè kún dáadáa, kí èkejì má kún.

Ká ní kóńgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ kílò 4.2. Kóńgò kan jẹ́ kílò 1.4 nìyẹn. Bí ó bá tà á ní ₦2,100, ẹ fi 1.4 pín in: ₦1,500 ni kílò kan. Kílò 50 lọ́wọ́ rẹ̀ á jẹ́ ₦75,000, èyí tó fi ₦9,000 ju ti àpò tó ti délé lọ. Ti ṣọ́ọ̀bù ńkọ́? Bí ọ̀rá kílò 5 bá jẹ́ ₦7,250, ₦1,450 ni kílò kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ti ṣọ́ọ̀bù ló máa ń wọ́n jù. Nínú ìṣirò yìí, kóńgò ló wọ́n jù.

Irẹsì ìbílẹ̀ bíi ti Ìgbẹmọ ní ìṣirò tirẹ̀. Ó lè ní òkúta àti èèpo nínú, àwọn yẹn náà sì wúwo lórí òṣùwọ̀n. Ẹ fẹ́ èèpo kúrò nínú kóńgò kan, ẹ ṣa òkúta rẹ̀, kí ẹ tó tún un wọ̀n. Bí kílò 1.4 bá di 1.25 lẹ́yìn ṣíṣà, tí ẹ sì rà á ní ₦2,000, ₦1,600 ni kílò kan tó wọ ìkòkò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó kóńgò rẹ̀ kéré sí ti àkọ́kọ́. Èmi ṣì máa ń rà á nítorí adùn rẹ̀, àmọ́ kí ẹ mọ iye tí adùn náà ń ná yín. Ohun kan wà tí òṣùwọ̀n kì í sọ: irẹsì tó ti pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìkórè máa ń wú ju tuntun lọ. Ẹ se ife kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ wo èyí tó pọ̀ jù nínú àwo.

Bí owó àpò bá ga jù fún ẹnì kan, ẹni mẹ́rin lè dáwó jọ rà á, kí kálukú gba kílò 12.5. Òṣùwọ̀n kílò ni kí ẹ fi pín in. Bí ẹ bá fi kóńgò tó ga lórí pín in, ti ẹni tó gbà kẹ́yìn kò ní pé.