Iṣu tó bu lára: ẹ gé e wò kí ẹ tó sọ ọ́ nù
Bí iṣu bá bu lára, ẹ má tíì sọ ọ́ nù, nítorí ó lè jẹ́ èèpo nìkan ni ó bu. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ojú ibẹ̀. Bí ó bá le, ẹ gé e títí ẹ ó fi kan ibi tí ó mọ́, kí ẹ sì tún gé ìwọ̀n ìbú ìka méjì sí i, nítorí pé ohun tí ń ba iṣu jẹ́ máa ń gba ojú ọgbẹ́ wọlé, a sì máa rìn kọjá ibi tí ojú rí. Ẹ se ìyókù lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí inú rẹ̀ bá rọ̀, tí ó ń rùn, tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ ti yí padà dé àárín, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ nù. Sísè kò lè mú májèlé rẹ̀ kúrò.