Ọ̀rọ̀ Àfiyọra: Bí Mo Ṣe Kọ Ọ́ fún Alága Ìjókòó Tó Bá Fo Apá Kan Nínú Ètò Ìdána

Iṣẹ́ tí mo ṣe ni pé mo kọ ọ̀rọ̀ tí alága ìjókòó yóò máa fà yọ bí ètò ìdána bá dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí yóò fi darí ètò o, ìyẹn ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí yóò sọ nígbà tí máíkì wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí gbogbo ojú ń wò ó, tí kò sì mọ ibi tó kàn mọ́ ni. Mo pè é ní ọ̀rọ̀ àfiyọra. Méje péré ni mo fi sílẹ̀ nígbà tí mo parí, bẹ́ẹ̀ mo ti kọ tó ogún kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e.

Mi ò kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ kankan. Ètò ni mo kọ́kọ́ tò sílẹ̀ bí ẹbí méjèèjì ṣe fẹ́ ẹ, nítorí ìlú sí ìlú ni, ilé sí ilé sì ni. Tiwọn jẹ́ 16: àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, ìwọlé ẹbí ọkọ, lẹ́tà ìtọrọ, ìdáhùn lẹ́tà, ìwọlé ọkọ àti ìdọ̀bálẹ̀, àdúrà òbí ìyàwó lórí ọkọ, àdúrà òbí ọkọ lórí ọmọ wọn, ìwọlé ìyàwó, àdúrà òbí ìyàwó lórí ọmọ wọn, àdúrà òbí ọkọ lórí ìyàwó, fìlà dídé, ẹrù ìdána, Bíbélì àti òrùka, owó orí, kéèkì, ìdúpẹ́.

Ẹ tún un kà, ẹ ó rí ibi tí wàhálà wà. Àdúrà mẹ́rin ló wà láàárín, gbogbo wọn ló ń parí sí "Àmín", ọmọ kan ló ń kúnlẹ̀ tàbí tó ń dọ̀bálẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn òbí ló sì ń nawọ́ lé e lórí. Etí alága gbọ́ "Àmín", ọkàn rẹ̀ sì fò lọ sí ohun tó ń tẹ̀lé "Àmín" míì. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn: bí òbí ìyàwó bá ṣe àdúrà lórí ọkọ tán, alága á ní kí wọ́n lọ mú ìyàwó wá, àwọn òbí ọkọ á sì jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú àdúrà tí wọn kò tíì ṣe lórí ọmọ wọn. Àìmọ̀ kọ́, àìfarabalẹ̀ kọ́. Ibi méjì tó jọra ni ẹsẹ̀ ti ń yọ̀. Nítorí náà mo fi bírò pupa sàmì sí gbogbo ibi tí apá méjì ti parí bákan náà tàbí bẹ̀rẹ̀ bákan náà. Márùn-ún ni mo rí: ẹ̀yìn àdúrà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àti ẹ̀yìn ìwọlé ẹbí ọkọ. Èyí tó kẹ́yìn yìí, ijó ló fà á. Ẹbí ọkọ ń jó wọlé, ọkọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, onílù rí wọn, ó yí ìlù padà sí tiwọn, wọ́n bá wọlé. Lẹ́tà ìtọrọ di ohun ìgbàgbé sọ́wọ́ ọmọdébìnrin tí wọ́n ní kó kà á.

Lẹ́yìn èyí ni mo wá pín àṣìṣe sí méjì, nítorí oògùn wọn kì í ṣe ọ̀kan. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn bọ́ lọ́kàn rẹ̀ kò tíì ba nǹkan kan jẹ́. Àkókò ló ń wá. Ẹni tó fo nǹkan ti jẹ ẹnì kan ní gbèsè, ó sì gbọ́dọ̀ san án fún ẹni náà gan-an.

Fún ẹni tó ń wá àkókò, ọ̀rọ̀ méjì ni mo kọ. Èkíní: "Ẹ̀yin ẹbí ọkọ, ẹnu yín ti gbẹ ni? Ẹ bá mi kí àwọn òbí ìyàwó lẹ́ẹ̀kan sí i, kí wọ́n mọ̀ pé ẹ ò tíì lọ sílé." Ìyẹn fún èrò ní iṣẹ́ ṣe. Wọ́n á kí, àwọn òbí ìyàwó á dáhùn, ẹ̀rín díẹ̀, alága á ti wo páálí kékeré tí mo ṣe fún un. Mo fi aago fóònù wọ̀n ọ́n nígbà ìdánrawò: ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú àáyá 10, ìdáhùn èrò sì tún fi bíi 15 kún un. Ó tó láti ka ìlà kan. Èkejì: "Ìyàwó àgbà, ẹ bá mi wí o, kí ni ọmọ wa ṣe gbẹ̀yìn?" Ẹnì kan ṣoṣo ni kó bi. Mo ti kọ́kọ́ kọ ọ́ pé "Ta ló rántí ibi tí a dé?", mo sì pa á rẹ́, nítorí bí èèyàn bá bi gbogbo gbọ̀ngàn, ohùn ogún ni yóò gbọ́, mẹ́wàá nínú wọn á máa sọ̀rọ̀ oúnjẹ.

Orin pẹ̀lú ń ra àkókò, gbogbo alága ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ewu kan wà níbẹ̀ tí mo kọ gàdàgbà sórí páálí: kó má ṣe fi orin tí wọ́n fi ń pe ìyàwó bo àṣìṣe. Àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, orin yẹn ni wọ́n ń dúró dè. Bó bá ti bọ́ lẹ́nu alága báyìí, wọ́n ti ń mú ìyàwó bọ̀, àṣìṣe kan á sì di méjì. Orin ọpẹ́ tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni mo ní kó lò, a sì bá onílù sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé bí alága bá gbé ọwọ́ òsì sókè, kí ìlù rọlẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Wàyí o, èyí tó fo nǹkan. Ti àdúrà àwọn òbí, mi ò fi àwàdà kankan sí i. Àgbà tí wọ́n gbójú fò kò ní rẹ́rìn-ín sí i, kódà bí gbogbo ilé bá ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ ni: "Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, mo kúnlẹ̀. Àdúrà yín ṣẹ́kù, ọmọ yín kò sì gbọdọ̀ kọjá láì gbà á." Mo kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé kó kúnlẹ̀ ní tòótọ́, kó tó ṣí ẹnu. Ìkúnlẹ̀ ti tọrọ gáfárà, nítorí náà ẹnu kò ní í tún máa ṣàlàyé pé ìlù ló fà á tàbí pé èrò pọ̀. Kó sì tó kúnlẹ̀, kó fi ojú pe alága ìdúró, kí ìyẹn dá àwọn tó ń lọ mú ìyàwó dúró.

Lẹ́tà ló gba àkókò mi jù, torí pé bó ti pẹ́ tó kó tó rántí ni yóò pinnu ohun tí yóò sọ. Mo kọ mẹ́ta.

Bó bá rántí nígbà tí ọkọ ṣì ń jó bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò tíì sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀: "Ọkọ ìyàwó, dúró síbẹ̀. Ta ní ní kó o wọlé? A ò tíì rí ìwé rẹ!" Àwàdà nìyẹn, ó sì bá iṣẹ́ alága mu, nítorí alága ìjókòó a máa dá ọkọ padà lẹ́nu ọ̀nà tẹ́lẹ̀ kó tó gbà á láyè. Kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ pé àṣìṣe ni.

Bó bá jẹ́ pé ọkọ ti dọ̀bálẹ̀, wọ́n ti gbàdúrà fún un, ó sì ti jókòó: "Bí a bá ń jẹun, ẹran la máa ń jẹ kẹ́yìn. Lẹ́tà yìí ni ẹran tí mo fi pamọ́ sábẹ́ àwo. Ẹni tí yóò kà á dà?" Mo dán òwe kan wò níbí kí n tó kọ èyí, òwe tó bá ọ̀ràn yìí mu ju gbogbo òwe lọ: bọ́mọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bágbà bá ṣubú, a wẹ̀yìn wò. Lẹ́tà la fi sẹ́yìn, alága sì wẹ̀yìn wò. Ó dùn létí mi. Ṣùgbọ́n ẹ fi "ṣubú" sẹ́nu níbi ìdána, gbogbo ilé á dáhùn pé "A ò ní ṣubú!", ìyá àgbà kan á bẹ̀rẹ̀ àdúrà, ọ̀rọ̀ á sì ti kúrò lórí lẹ́tà. Mo yọ ọ́. Ibi ìfilọ́lẹ̀ ìwé tàbí ìpàdé ẹgbẹ́ ni kí ẹ lò ó.

Ẹ̀kẹta ló le jù: ìyàwó ti wọlé, wọ́n ti ṣí ìbòjú rẹ̀, àwọn òbí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti gbàdúrà. Lẹ́tà tó ń tọrọ ẹni tó ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ, kí ló kù tó ń tọrọ? Bí alága bá kàn ní "ẹ jẹ́ ká padà sí lẹ́tà", àṣìṣe yóò hàn gbangba. Nítorí náà mo yí ẹni tó ni etí padà. Lọ́jọ́ míì, àwọn òbí ni wọ́n ń ka lẹ́tà sí. Báyìí, ìyàwó ni yóò gbọ́ ọ: "Ìyàwó, wọ́n ti kọ̀wé tọrọ rẹ kó o tó wọlé. Jókòó dáadáa, kó o fi etí ara rẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ." Ọmọdébìnrin á dojú kọ ìyàwó, á kà á. Ìdáhùn á tẹ̀ lé e láti ọ̀dọ̀ òbí ìyàwó, ní kúkúrú, torí pé ara wọn ti dáhùn tẹ́lẹ̀. Nínú ìdánrawò, ẹni tí kò mọ ètò kò fura rárá.

Fún owó orí, tí wọ́n bá ti gé kéèkì kí wọ́n tó rántí: "Ẹ má tíì dìde. Owó kan wà nílẹ̀ tó jẹ́ pé bàbá ìyàwó nìkan ló lè sọ ibi tó ń lọ." Ó ṣiṣẹ́ fún ilé tó ń dá owó orí padà pé ọmọ làwọn ń fi fún wọn, àwọn kò tà á. Ilé tó bá fẹ́ gba owó wọn, kí ẹ dá gbólóhùn kejì dúró sí "Owó kan wà nílẹ̀." Fún kéèkì àti fọ́tò, mi ò kọ nǹkan kan. Bí wọ́n bá fò ó, kí ó máa lọ bẹ́ẹ̀, ìgbàkígbà ni wọ́n lè ṣe é.

Mo kọ méjèèje sí páálí náà, tó tó àtẹ́lẹwọ́, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn abẹ̀bẹ̀ alága. Fóònù kò dára fún un, torí ojú rẹ̀ á ti kú nígbà tí ọwọ́ bá ń wá a. Ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta tó ṣe kókó nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan nìkan ni mo kọ, pẹ̀lú nọ́ńbà ibi tó jẹ́ tirẹ̀ nínú ètò. "7: Mo kúnlẹ̀." "3, ìyàwó ti jókòó: Wọ́n ti kọ̀wé." Bí gbogbo gbólóhùn bá wà níbẹ̀, alága á máa kàwé, ohùn rẹ̀ á sì yí padà, àwọn èèyàn á gbọ́ ọ.

Ìdánrawò ni mo fi parí. Mo kọ apá 16 sí bébà kéékèèké, alága ń darí ètò lọ, mo sì ń fa ọ̀kan yọ láì sọ fún un, mo ń pàtẹ́wọ́ nígbà tó bá ti kọjá ibẹ̀ tán. Bó bá fi ju ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lọ kó tó ṣí ẹnu, gbólóhùn yẹn gùn jù, a gé e kúrú. Ti owó orí la gé lẹ́ẹ̀mejì. Ti "mo kúnlẹ̀" kò gba àtúnṣe kankan, àfi pé a ní láti wá ìró tí kò ní wọ́ nílẹ̀ jù kó má bàa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nígbà tó bá ń dìde.