Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Géèmù Ìjà Ṣe-kí-n-ṣe: Ẹ Má Fojú Kéré Ìyára

Ní alẹ́ Jímọ̀ kan ní Agbowó, mo gbé fóònù lé àbúrò kan lọ́wọ́ pé kó bá mi dán géèmù tí mo ń kọ wò. Géèmù ìjà ṣe-kí-n-ṣe ni: bí ìwọ bá ṣe tìrẹ tán, ó kan èmi. Ó mú Ọlọ́fà, kọ̀ǹpútà sì mú Jagunjagun. Kò pẹ́ tó fi gbójú sókè. "Bọ̀dá, ọkùnrin yìí ò jà o. Ó kàn dúró síbẹ̀ ni."

Mo rò pé àwàdà ni. Àfìgbà tí Jagunjagun kú láìju apá lẹ́ẹ̀kan.

Lórí ìwé, Jagunjagun ló yẹ kó borí. Ẹ̀mí rẹ̀ jẹ́ 240, agbára 40, ààbò 25, ìyára 10. Ọlọ́fà ní ẹ̀mí 120, agbára 30, ààbò 10, ìyára 20. Ọṣẹ́ tí ẹnì kan ń ṣe ni agbára tirẹ̀, kí a yọ ààbò ẹni tó ń gbà á kúrò níbẹ̀. Bí aago géèmù bá ti lù, a ó fi ìyára oníkálukú kún ohun tó ti kó jọ; ẹni tó bá kó 100 jọ, àyè kàn án nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin péré ni Jagunjagun ní láti fi idà kan Ọlọ́fà. Ọlọ́fà ní tirẹ̀ yóò ta ọfà 48 kó tó pa á.

Àmọ́ ọfà ìdákú wà lọ́wọ́ Ọlọ́fà. Ẹni tó bá bà yóò pàdánù àyè rẹ̀ tó ń bọ̀. Ní lílù aago karùn-ún, Ọlọ́fà ta ìdákú. Ní ìkẹwàá, ó ta ọfà lásán, lẹ́yìn náà ni àyè kan Jagunjagun, ó sì pàdánù rẹ̀ nítorí pé ó dákú. Ní ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ìdákú mìíràn. Báyìí ni wọ́n ṣe lo gbogbo alẹ́.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni kí a máa ta ìyára lówó kan náà pẹ̀lú agbára, bí ẹni pé ẹgbẹ́ ni wọ́n. Ẹ ro ẹni méjì tí wọ́n ń ta ayò, tí ọ̀kan ń ta ẹ̀ẹ̀mejì nígbà tí èkejì ń ta ẹ̀ẹ̀kan. Ọ̀pẹ̀ lásán ni ì báà jẹ́, yóò na ọ̀ta. Bí agbára bá fi 10 lé nínú ọgọ́rùn-ún, ọṣẹ́ nìkan ló pọ̀ sí i. Bí ìyára ló bá fi bẹ́ẹ̀ lé, ọṣẹ́ pọ̀, ìwòsàn pọ̀, májèlé pọ̀, ìdákú pọ̀, torí pé gbogbo wọn ń gba inú àyè kọjá. Àwọn tó ń fi géèmù náà ṣeré yóò rí i láàárín ọjọ́ méjì, wọn ò sì ní ra nǹkan mìíràn mọ́.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi nọ́ńbà kan tì í lábẹ́, kí ìlọ́po méjì ìyára má baà di ìlọ́po méjì àyè. Mo pa fọ́múlà ọṣẹ́ náà dà nígbà kan náà:

```
iduro = 6000 / (50 + iyara)
ose   = agbara * 100 / (100 + aabo)
```

Pẹ̀lú ti òkè, ẹni tí ìyára rẹ̀ jẹ́ 10 ń dúró fún lílù 100 kó tó kàn án; ẹni tó jẹ́ 20 ń dúró fún nǹkan bíi 86. Ó ṣì yá jù ú lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀gá rẹ̀ mọ́.

Ti ìsàlẹ̀ wà nítorí ìyọkúrò yẹn. Ọfà Ọlọ́fà ń ṣe ọṣẹ́ 5 sí Jagunjagun. Fi agbára 5 kún un, ó di 10, ìlọ́po méjì gééré. Tàbí kí Jagunjagun ra ààbò 5, ọṣẹ́ di òdo. Fọ́múlà tí nǹkan kékeré ń tì ṣubú báyìí, ẹ ò lè wọn nǹkan kan lórí rẹ̀. Nínú tuntun, ààbò 25 sọ ẹ̀mí 240 di ohun tó ń ṣiṣẹ́ bí 300, ààbò kọ̀ọ̀kan tí a bá sì fi kún un ń fi 2.4 lé e, kì í jù bẹ́ẹ̀, kì í dín. Kìkì pé ẹ ṣọ́ra fún oògùn tó ń já ààbò wálẹ̀: bí ààbò bá di -50, ọṣẹ́ di ìlọ́po méjì, bó bá di -100, ẹ ti ń fi òdo pín nǹkan. Ẹ fi òpin sí i.

Mo gbà pé ohun tí mo ṣe dá ìṣòro tuntun sílẹ̀. Ìyára tí Ọlọ́fà gbójú lé ti dínkù, ó wá di ẹran ìjẹ. Mo gbé agbára rẹ̀ lọ sí 45, ẹ̀mí rẹ̀ sí 190. Báyìí, àwọn méjèèjì ń ṣe ọṣẹ́ bíi 36 síra wọn. Ọfà méje ló ń pa Jagunjagun, idà mẹ́fà ló ń pa Ọlọ́fà, méjèèjì sì bọ́ sí lílù 600 gan-an. Ta ló wá kú? Nínú kóòdù mi, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ṣáájú nínú àkọsílẹ̀ ló ń kọ́kọ́ lù, ìyẹn ni pé òǹtayò ló ń jẹ gbogbo ọ̀mì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pinnu bẹ́ẹ̀. Mo ní kí ìyára pinnu, bí ìyára bá dọ́gba, kí ó ṣẹ́ gègé.

Ìdákú ṣì kù, nítorí ìyára nìkan kọ́ ló bí i. Bí Ọlọ́fà méjì bá pawọ́ pọ̀, wọn yóò tún de ẹnì kan mọ́lẹ̀. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni pé ìdákú kò ní ìsinmi. Nísinsìnyí, ẹni tó bá ti pàdánù àyè kan kò lè dákú mọ́ títí yóò fi lo àyè méjì. Bó ti wù kí wọ́n pọ̀ tó, ẹyọ kan nínú mẹ́ta ni wọ́n lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Májèlé yàtọ̀, òun ló sì máa ń tan àwọn ènìyàn jù. Mo jẹ́ kó máa jẹ ẹ̀mí nígbàkígbà tí àyè bá kan ẹni tó mu ún. Ó dà bí ohun tó tọ́, àfìgbà tí Ọlọ́fà fi ìfàsẹ́yìn sí Jagunjagun tó ti mu májèlé. Àyè Jagunjagun pẹ́ kó tó dé, májèlé náà bá fà sẹ́yìn. Ohun méjì tó yẹ kó ran ara wọn lọ́wọ́ wá ń bá ara wọn jà. Èyí tó burú ju ni pé ẹni tó bá lo oògùn eré sísá fún ara rẹ̀ ń yára kú. Ẹ so májèlé mọ́ aago, kó máa jẹ ẹ̀mí ní gbogbo lílù 100, ẹnikẹ́ni tí ìbáà kàn. Ìdákú ní tirẹ̀, ẹ fi sórí àyè. Bí májèlé bá sì ń jẹ ìdá mẹ́wàá ẹ̀mí, ẹ fi òpin sí i fún àwọn ọ̀gá ńlá: ẹni tó ní ẹ̀mí 5000 yóò máa pàdánù 500 lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí ọfà ń ṣe 36.

Mi ò lè ti inú àkọsílẹ̀ ẹni tó borí rí gbogbo èyí. Nígbà tí mo ní kí kọ̀ǹpútà ja ìjà 1000 láìsí àwòrán, iye àyè tí oníkálukú lò nínú ìjà kọ̀ọ̀kan ni mo kọ sílẹ̀. Ní ti àtijọ́, Jagunjagun ní òdo lọ rẹrẹ. Ká ní mo wo ibẹ̀ ṣáájú Jímọ̀ yẹn, n kì bá tí gbé fóònù fún ẹnikẹ́ni.

Àbúrò náà ṣì ń mú Ọlọ́fà. Ó ti ń fi ìdákú pamọ́ di ìgbà tí Jagunjagun bá gbé idà ńlá sókè, ó sì ti kú ẹ̀ẹ̀mẹta nítorí pé ó tètè ta á.