Bí mo ṣe fi téèpù télọ̀ wá ìrọ̀rí tó bá ọrùn mi mu

Ìgbà tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni ọrùn mi máa ń gan jù. Bí ọmọ bá kí mi látẹ̀yìn, gbogbo ara ni mo fi ń yí dá a lóhùn. Ìbàdí náà ò gbẹ́yìn, àfi kí n di etí bẹ́ẹ̀dì mú kí n tó lè dìde. Ṣùgbọ́n kí n tó gbálẹ̀, kí n wẹ̀, kí n sì rìn dé ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìta Ẹlẹ́wà, ara á ti máa rọ̀. Télọ̀ ni mí, ó ti lé ní ọdún 15 tí mo ti ń ránṣọ ní Ìkòròdú yìí, nítorí náà ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo di gbogbo ẹ̀bi rù.

Òkú tí a lọ sin ní Ìjẹ̀bú-Òde ló là mí lójú. A ò tíì rán aṣọ ẹbí tán, mo bá gbé ẹ̀rọ dání, mo ránṣọ lọ́sàn-án fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Síbẹ̀, lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbọ́n mi, mo jí láàárọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọrùn mi ń yí wérewére. Iṣẹ́ kan náà, ẹ̀rọ kan náà, ibi tí mo sùn nìkan ló yàtọ̀. Ìrora tó bá pọ̀ jù lẹ́yìn oorun, tó sì ń dínkù bí èèyàn ṣe ń rìn káàkiri, ó yẹ kí a wo ibùsùn ẹni dáadáa.

Kì í sì í ṣe pé mi ò náwó sí ibùsùn. Lọ́dún tó ṣáájú, mo ra fóòmù líle, èyí tí wọ́n ń pè ní ọtopẹ́díìkì. Ẹni tó tà á fún mi ní, "Màmá, bó bá ṣe le tó ni ẹ̀yìn yín á ṣe tètè san tó." Mo gbà á gbọ́, torí ohun tí gbogbo èèyàn ń sọ náà nìyẹn. Ó sì le lóòótọ́! Tí mo bá fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, eegun ìbàdí àti èjìká mi á máa ro mí bí ẹni sùn sórí sìmẹ́ńtì.

Oníbàárà mi kan tó jẹ́ físíò ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà fún mi. Ó wá wọn aṣọ, ó rí bí mo ṣe ń fọwọ́ ti ọrùn. Kó tó dárúkọ ìrọ̀rí rárá, ìbéèrè ló kọ́kọ́ dà bò mí: "Àǹtí, ṣé ọwọ́ yín máa ń kú, tàbí nǹkan máa ń bọ́ lọ́wọ́ yín? Ṣé ẹsẹ̀ yín ò rọ? Ṣé ẹ kì í mọ̀ ọ́n lára mọ́ tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ bá ń gbọ̀n yín? Ṣé ojú ara yín ò kú tìpìrì? Ẹ ò ṣubú? Ẹ ò ní ibà, ẹ ò sì rù láìnídìí?" Mo ní rárá sí gbogbo rẹ̀. Ó ní bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni sí ọ̀kan péré, ọsibítù ni òun ì bá ní kí n gbà lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ oníbẹ́ẹ̀dì. Ti ìtọ̀ àti ojú ara tó kú yẹn, ó ní ẹni tó bá rí i kò gbọdọ̀ dúró di ọjọ́ kejì.

Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi nípa ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Sípéènì, tó jáde lọ́dún 2003. Èèyàn 313 tí ẹ̀yìn ń dùn ni wọ́n pín sí méjì fún 90 ọjọ́. Wọ́n fún apá kan ní fóòmù líle, wọ́n fún apá kejì ní èyí tó wà láàárín líle àti rírọ̀, wọn ò sì jẹ́ kí wọ́n mọ èyí tó kàn wọ́n. Àwọn tó sùn lórí èyí tó wà láàárín ni ara tù jù, lórí ibùsùn àti nígbà tí wọ́n bá ń dìde. Ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ni ìwádìí yẹn dá lé o, kò sọ nǹkan kan nípa ọrùn. "Ti ọrùn," ó ní, "ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní téèpù lọ́rùn láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ lè wọ̀n ọ́n fúnra yín."

Bí mo ṣe wọ̀n ọ́n nìyí. Mo wọ síńgílẹ́ẹ̀tì tó fún mọ́ mi lára, ọmọ mi obìnrin fi ṣọ́ọ̀kì aláṣọ tọ́ka sí eegun ẹ̀yìn mi lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ìsàlẹ̀ ọrùn títí dé ìbàdí. Mo wá dùbúlẹ̀ bí mo ṣe máa ń sùn, lórí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, pẹ̀lú ìrọ̀rí mi méjèèjì, ó sì fi fóònù yà mí látẹ̀yìn. Ojú tì mí nígbà tí mo rí fọ́tò náà. Àmì ṣọ́ọ̀kì yẹn tò gbọọrọ láti ìbàdí dé àárín ẹ̀yìn, nígbà tó dé ọrùn ló wá tẹ̀ sókè bí ìwọ̀ ẹja. Ìrọ̀rí mi ga jù. Wákàtí mẹ́fà, méje lóru ni orí mi fi ń tẹ̀ sí apá òsì, tí iṣan apá ọ̀tún ọrùn ń fà bí rọ́bà.

Tó bá jẹ́ pé ìrọ̀rí ló kéré jù, orí á rọ̀ sísàlẹ̀, ìlà náà á sì tẹ̀ sí ọ̀nà fóòmù. Irú wọn lẹ máa ń rí tí wọ́n ń ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìrọ̀rí lóru láì mọ̀. Gíga tó kù ni wọ́n ń wá. Ọkọ mi wà lára wọn.

Nísinsìnyí ni iye tó yẹ kí ìrọ̀rí ga. Mo fi èjìká ọ̀tún ti ògiri, mo wo iwájú, ọmọ mi sì wọ̀n láti ẹ̀gbẹ́ orí mi, lókè etí, dé ara ògiri: sẹ̀ǹtímítà 14. Ṣùgbọ́n èjìká kì í dúró lórí fóòmù bó ṣe dúró lára ògiri, ó máa ń rì. Fóòmù líle tèmi kì í jẹ́ kó rì ju bíi sẹ̀ǹtímítà 2 lọ, nítorí náà nǹkan bíi 12 ni mo ń wá. Mi ò tíì rán nǹkan kan o. Táwẹ̀lì ni mo ká sábẹ́ orí, mo ń fi ìṣẹ́po kan kún un, ọmọ mi ń ya fọ́tò, títí ìlà ṣọ́ọ̀kì fi tọ́. Nígbà tí a wọn táwẹ̀lì náà, 12 ló wà lóòótọ́. Bó bá jẹ́ pé ohun tí ògiri sọ àti ohun tí fọ́tò sọ ò bára mu, ti fọ́tò ni kí ẹ gbà.

Ìrọ̀rí tó wà nílẹ̀ ò ṣe é wọ̀n lásán, torí orí èèyàn wúwo tó bíi kílò 5, yóò sì tẹ̀ ẹ́. Àpò ìrẹsì kílò 5 ni mo gbé lé ìrọ̀rí mi méjèèjì, mo wá wọ̀n wọ́n: 17. Ẹ wò ó, sẹ̀ǹtímítà 5 ni mo ti ń fi gbé orí sókè lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo ra fáíbà ní ọjà Sábó, mo rán àpò ìrọ̀rí kan, mo sì fi síìpù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí n lè máa fi fáíbà kún un tàbí kí n máa yọ ọ́. Fóòmù wẹ́wẹ́ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ lò torí ó dínwó, àmọ́ ó máa ń di kókó-kókó lójú kan. Etí ìrọ̀rí tó kọjú sí ọrùn ni mo ti ki díẹ̀ sí i, kí àlàfo tó wà láàárín etí àti èjìká má bàa ṣófo. Èjìká fúnra rẹ̀, orí fóòmù ló gbọ́dọ̀ wà. Ẹni tó bá gbé èjìká náà gun orí ìrọ̀rí ti ba gbogbo ìwọ̀n jẹ́.

Ti ìbàdí, ìrọ̀rí mìíràn ni mo fi sí àárín ẹsẹ̀. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ ṣìṣe: kékeré ni mo lò, láàárín orúnkún nìkan. Ẹsẹ̀ òkè wá ń yọ́ bọ́ síwájú, ó ń lọ́ ìbàdí mi bí ẹni ń fún aṣọ. Ó yẹ kó gùn láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀. Mo tún ń dì mọ́ ìrọ̀rí gígùn kan níwájú, torí lóru èmi náà máa ń yí dojú délẹ̀, ẹni tó bá sì dojú délẹ̀ gbọ́dọ̀ yí ọrùn sí ẹ̀gbẹ́ kó tó lè mí. Ìrọ̀rí iwájú yẹn kì í jẹ́ kí n yí tán. Ọkọ mi tó ń fi ẹ̀yìn lélẹ̀ ò lè lo tèmi, 12 á ti àgbọ̀n rẹ̀ mọ́ àyà. Pẹlẹbẹ ni tirẹ̀, pẹ̀lú òmíràn lábẹ́ orúnkún kí ẹ̀yìn má bàa gbé sókè jù.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọrùn mi ti ń yí. Ìbàdí ló kù. Mo fi ẹ̀yìn lélẹ̀, mo ti ọwọ́ bọ ibi tí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ti gbé sókè, ọwọ́ mi wọlé, ó jáde lódì kejì bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Fóòmù tó le jù nìyẹn. Bí ọwọ́ ò bá ráyè wọlé rárá tí ìdí sì rì wọlé, ó ti rọ̀ jù. Mi ò lówó òmíràn, mo bá ra fóòmù pẹlẹbẹ íǹṣì 3 tó rọ̀ díẹ̀, mo tẹ́ ẹ lé orí èyí tó le. Ìbàdí mi dúpẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Ọjọ́ kẹta, ọrùn mi gan padà! Mo ti fẹ́ gbé fóòmù tuntun padà fún ẹni tó tà á kí n tó rántí ṣọ́ọ̀kì. A tún ya fọ́tò, ìlà tún tẹ̀ sókè. Èjìká mi ti ń rì tó sẹ̀ǹtímítà 4 báyìí, ìrọ̀rí 12 yẹn sì ti di gíga jù. Mo ṣí síìpù, mo yọ fáíbà títí àpò ìrẹsì fi bá a ní 10. Ẹni tó bá pààrọ̀ fóòmù ti pààrọ̀ ìrọ̀rí náà nìyẹn. Òótọ́ yìí ni mi ò gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni tó ń ta fóòmù.

Kò wo gbogbo rẹ̀ sàn. Ọjọ́ tí mo bá tẹ orí ba ẹ̀rọ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, ọrùn mi á sọ ọ́ kí n tó délé, ìrọ̀rí ò sì lè ṣe nǹkan kan sí ìyẹn. Ti òwúrọ̀ ló lọ. Fáíbà náà máa ń tẹ̀: lọ́sẹ̀ tó kọjá, àpò ìrẹsì bá a ní 9. Mo ti ra fáíbà tí mo máa fi kún un, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ìrẹsì yẹn se jọ̀lọ́ọ̀fù.